Kà á sókè kí o tó gé e

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo kọ ìtàn nípa ìyá ìyá mi tó jẹ́ aláró ní Abẹ́òkúta. Ìwé ìròyìn kan ní àwọn máa gbé e jáde, àmọ́ ọ̀rọ̀ 800 ni wọ́n fẹ́, tèmi sì ti di 1,400. Gbogbo rẹ̀ ló dùn lójú mi. Wọ́n ní kí n máa kà á sókè kí n lè mọ ibi tí màá gé. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Mo fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ síi yín.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì gé nǹkan kan. Kọ́kọ́ fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀, nítorí bí o bá ń kà á sókè tí o sì kan "igba" tí kò lámì, ahọ́n rẹ á dúró kó tó mọ̀ bóyá igbá ni, tàbí ìgbà, tàbí igba náírà. Wàá rò pé gbólóhùn náà ló burú, kò sì burú. Lẹ́yìn náà, tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kí àlàfo tó wà láàárín ìlà fẹ̀ dáadáa, kí o sì fi í sílẹ̀ sùn. Bí o bá kà á lọ́jọ́ tí o kọ ọ́, ohun tó wà lọ́kàn rẹ lo máa kà, kì í ṣe ohun tó wà nínú pépà.

Lọ́jọ́ kejì, dìde dúró, mú báírò, kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Má tún nǹkan kan ṣe. Fa ìlà sábẹ́ ibi tí èémí ti tán ọ, kí o sì yí òbìrí ká ibi tí ojú rẹ ti ń sáré ṣáájú ẹnu. Òbìrí yẹn gan-an ni mo máa ń wá. Bí ojú ẹni tó kọ nǹkan bá ń sáré kọjá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó ti mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bí o bá rí ẹni tí o lè kà á sí létí, ó tún dáa jù, nítorí àwọn ibì kan á wà tí ojú á tì ọ́ láti kà, tí wàá fẹ́ fò. Gé gbogbo ibi tí o bá fò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ìbẹ̀rẹ̀ tìrẹ:

"Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi lónìí, màá fẹ́ kí ó yé gbogbo wa pé iṣẹ́ aró jẹ́ iṣẹ́ kan tí ó ṣe pàtàkì púpọ̀ láàrin àwa Yorùbá láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí di òní olónìí. Gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti mọ̀, Abẹ́òkúta jẹ́ ìlú kan tí ó gbajúmọ̀ nípa iṣẹ́ yìí. Ohun tí mo ń gbìyànjú láti sọ ni pé, ìyá mi àgbà náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n máa ń ṣe iṣẹ́ aró ní Ìtòkú nígbà náà lọ́hùn-ún. Ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí ilẹ̀ tó mọ́ rárá, ni ìyá mi àgbà máa ń jí, tí wọn yóò sì lọ tọ́ aró inú ìkòkò wò."

Ọ̀rọ̀ 105 nìyẹn. Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ibi tí ara mi ti dìde àfi nígbà tí mo dé ibi tí màmá ti ń tọ́ aró wò. Ibẹ̀ ni ìtàn rẹ ti bẹ̀rẹ̀. O ti ń wú ikọ́ láti òkè. "Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi" jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó dìde níwájú èrò, tó ń dúró kí ariwo rọlẹ̀. Òǹkàwé kì í pariwo. "Gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti mọ̀": bí a bá ti mọ̀ ọ́n, kí lo tún ń sọ fún wa? "Ohun tí mo ń gbìyànjú láti sọ ni pé": sọ ọ́. (Ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn ni "kí n má fọ̀rọ̀ gùn". Mi ò tíì rí ẹni tó kọ ọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn.)

Wo "jẹ́ iṣẹ́ kan tí ó", "jẹ́ ìlú kan tí ó", "jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n". Ilé ìwé la ti kó irú èyí. Kò sẹ́ni tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnu rẹ bá kàn án, wàá gbọ́ pé ohùn rẹ yí padà bí ti ẹni tó ń ka ìwé àdéhùn. "Aláró ni ìyá mi àgbà" ti tó.

Mo gé e, ó wá kù báyìí:

"Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ìyá mi àgbà máa ń jí lọ tọ́ aró inú ìkòkò wò. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń pa aṣọ láró."

Ọ̀rọ̀ 27. Inú mi dùn, mo kà á sí ẹni tí a jọ wà ní ọ́fíìsì létí. Ó ní, "Ṣé màmá ṣì wà láyé?" Ó gbá mi mú. "Máa ń" kò sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá lónìí ni tàbí láyé àtijọ́. "Nígbà náà lọ́hùn-ún" tí mo fà ya nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Nítorí náà, bí o bá ti gé ìpínrọ̀ kan tán, kà á fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà. Ìbéèrè tó bá bi ọ́ ni kí o fi mọ ohun tí o máa dá padà, kí o sì dá a padà ní kúkúrú:

"Nígbà ayé ìyá mi àgbà, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n máa ń jí lọ tọ́ aró inú ìkòkò wò. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń pa aṣọ láró."

Ọ̀rọ̀ 30 ni, kò sì sí ohun tó sọnù.

Níwájú, nígbà tí o bá dé ibi tí ìtàn ti ń rìn, wàá bá "ó wá" pàdé: ó wá dìde, ó wá mú igbá, ó wá bu aró. Ẹnu àwa Yorùbá ló ń lò ó láti fi mí. Fi ẹyọ kan sílẹ̀ níbi tí nǹkan ti yí padà, yọ ìyókù. Bí òwe bá wà níbẹ̀, fi í sílẹ̀ bó bá bá ọ̀rọ̀ mu, ṣùgbọ́n yọ àlàyé tí o bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Bí oríkì màmá bá wà níbẹ̀, má fọwọ́ kàn án o. Lóòótọ́, ó ń tún ohun kan náà sọ, ṣùgbọ́n bí o bá kà á sókè, ohùn rẹ á gòkè ni, kò ní sáré. Ní ti "kùtùkùtù", mo yọ ọ́ nítorí pé "kí ilẹ̀ tó mọ́" ti wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ òun lo fẹ́, mú un, kí o yọ ìkejì.

Tí o bá ti kà á láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì báyìí, tó ṣì ku ọ̀rọ̀ 950, má tún máa ṣa ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́, torí egungun lo máa bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Odindi ìtàn kan nínú rẹ̀ lo gbọ́dọ̀ yọ kúrò. Mi ò tíì rí ìyókù iṣẹ́ rẹ, àmọ́ bí ìpínrọ̀ kan bá wà nípa ìgbéyàwó ìwọ fúnra rẹ, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò.