Káàdì ìdúpẹ́ ọdún kẹwàá: ibi tí wàhálà wà

"Ṣọ́ọ̀bù léèsì mi ní Bàlógùn máa pé ọdún 10 lóṣù tó ń bọ̀. Mo fẹ́ fún àwọn oníbàárà ní káàdì ìdúpẹ́. Kí ni kí n kọ, báwo ni kí n ṣe tò ó?"

Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ kíkọ kò le: ẹ pe oníbàárà bí ẹ ṣe ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ sọ ohun kan tó ṣe fún yín, ẹ dúpẹ́, ó tán.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé gan-an ni iṣẹ́ wà. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ìpara mi ní Yábà ṣe ayẹyẹ, Ṣómólú ni mo gbé iṣẹ́ lọ, bí gbogbo Èkó ṣe ń ṣe. Ọ̀gá kan tó ń pe ara rẹ̀ ní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ló ya káàdì náà. Ìgbà tí mo ṣí páálí, "Ẹ ṣé" ti di "E se". Níbi tó yẹ kí "ọ́" wà, àpótí kékeré òfìfo ni mo rí, àmì ohùn sì já kúrò lórí lẹ́tà, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bínú, ó ní, "Màdáámù, wọ́n á ṣáà mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ." Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ mi ló bàjẹ́ yẹn o!

Fọ́ǹtì ló fà á. Kò sí "ọ́" gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà; kọ̀ǹpútà máa ń gbé àmì lé "ọ" lórí ni, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ẹlẹ́wà tí wọ́n fẹ́ràn kò sì mọ ibi tó yẹ kó gbé e sí. Kí wọ́n tó yà á, ẹ ní kí wọ́n tẹ èyí ní fọ́ǹtì tí wọ́n mú:

```
Ẹ̀ Ọ́ Ṣ ẹ́ ọ̀ ń
```

Tí ọ̀kan bá ṣí nípò, ẹ ní kí wọ́n lo Noto Serif tàbí Charis SIL. PDF tí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀ ni kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lórí WhatsApp, torí ó máa ń fún fọ́tò pọ̀, etí lẹ́tà á sì ṣú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ ẹyọ kan, kí ẹ kà á lórí bébà kí ẹ tó san ìyókù owó.

Ní ti títò, ìwọ̀n bébà A6 tó. Àwọ̀ tó tẹ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí ọ̀bẹ máa gé ní mìlímítà 3 yíká, kí ọ̀rọ̀ sì jìnnà sí etí ní 5. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti "Ọdún 10" níwájú, ọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rá bo ẹ̀yìn yẹn, torí bírò kì í mú lórí ọ̀rá, ọwọ́ yín lẹ sì máa fi kọ orúkọ. Bí àpẹẹrẹ:

Ìyá Ìbejì,
Nígbà tí a kó lọ sí òkè kẹta, ẹ̀yin kò yéé gun àtẹ̀gùn wá.
Ẹ ṣé gan-an ni.
A ó jọ ṣe púpọ̀ sí i.

Tí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀dínwó sí i, bébà mìíràn ni kí ẹ kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ọjọ́ tó máa parí.