Gíráàfù onílà ìwọ̀n méjì: nígbà tí ìlà méjì bá ń bára wọn rìn, tí ohun tí wọ́n dúró fún ò sì mọra

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá wa gbé gíráàfù kan wá sípàdé. Ìlà kan ni iye èèyàn tó ń tẹ̀lé iléeṣẹ́ wa lórí ayélujára, ìlà kejì ni iye ọjà tí à ń tà. Nọ́ńbà ti àkọ́kọ́ wà lápá òsì, ti èkejì wà lápá ọ̀tún, ìlà méjèèjì sì lẹ̀ mọ́ra látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ní ẹ̀rí nìyẹn pé àwọn tó ń tẹ̀lé wa ló ń mú kí ọjà tà, wọ́n sì fẹ́ sọ owó tí à ń ná láti wá àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ọkàn mi ò gbà á, àmọ́ mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ìdáhùn: Ẹ wo apá ọ̀tún gíráàfù yẹn. Nọ́ńbà wo ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, èwo ló wà lókè pátápátá, ta ló sì yàn wọ́n? Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fi ìdí sí.

Nínú gíráàfù tó ní ìlà ìwọ̀n kan ṣoṣo, ẹni tó yà á lè nà án tàbí kó fún un pọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni yóò jọ nà, tí yóò sì jọ fún pọ̀. Tí a bá ti fún nǹkan kejì ní ìwọ̀n tirẹ̀ lápá ọ̀tún, okùn tó so wọ́n pọ̀ ti já nìyẹn. A lè gbé ìlà kejì sókè, ká rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ká nà án, ká fún un, láìfọwọ́ kan ìlà àkọ́kọ́ rárá. Ó wá ku kí ayàwòrán máa yí nọ́ńbà méjì yẹn títí ìlà kejì yóò fi sùn lé èkíní lórí. Kò parọ́ nọ́ńbà kankan, síbẹ̀ ohun tí ojú rí kì í ṣe ohun tí nọ́ńbà sọ.

Mi ò ní nọ́ńbà iléeṣẹ́ yín lọ́wọ́, nítorí náà mo ṣe àwọn kan fún àpẹẹrẹ. Sáà kọ̀ọ̀kan jẹ́ oṣù mẹ́ta:

```
Sáà   Àwọn tó ń tẹ̀lé   Ọjà tí a tà
1     12,000            400
2     13,500            404
3     14,600            411
4     16,400            413
5     17,500            420
6     19,200            422
7     20,300            429
8     22,000            432
```

Ẹ jẹ́ kí apá òsì bẹ̀rẹ̀ ní 12,000 kó parí sí 22,000, kí apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ ní 400 kó parí sí 432. Ìlà méjèèjì yóò bẹ̀rẹ̀ ní igun ìsàlẹ̀ kan náà, wọ́n á sì parí ní igun òkè kan náà. Ẹni tó bá rí i á ní ìbejì ni wọ́n. Àmọ́ àwọn tó ń tẹ̀lé fi ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, nígbà tó jẹ́ pé ìdá 8 péré ni ọjà fi pọ̀ sí i. Gíráàfù yẹn ti sọ 83 àti 8 di ohun kan náà lójú ẹni tó ń wò ó.

Àwọn kan máa ń ní oògùn rẹ̀ ni kí ìwọ̀n méjèèjì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ kò tíì wo àìsàn náà. Tí apá òsì bá lọ láti òdo dé 24,000, tí apá ọ̀tún lọ láti òdo dé 480, ìlà ọjà yóò wà lókè fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ìlà àwọn tó ń tẹ̀lé yóò gùn títí yóò fi kọjá rẹ̀ láàárín sáà 7 àti 8. Ẹnì kan nípàdé á nàka sí oríta yẹn, á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ fi 450 rọ́pò 480 lápá ọ̀tún, oríta náà á pòórá, wọn ò sì ní pàdé rárá. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ kọjá ọjà, nígbà tí orí la fi ń ka tibí, tí a sì ń ka tọ̀hún ní ẹyọ? Nínú gíráàfù onílà ìwọ̀n méjì, ibi tí ìlà ti ń kọjá ara wọn kò ní ìtumọ̀ kankan.

Kì í ṣe dandan kí ọ̀gá yín mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o. Excel fúnra rẹ̀ lè ṣe é fún wọn. Tí a ò bá yan nǹkan kan, tí ìyàtọ̀ láàárín nọ́ńbà tó ga jù àti èyí tó kéré jù bá kéré sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà èyí tó ga jù, Excel kì í bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n láti òdo. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìyàtọ̀ ti ọjà jẹ́ 32 nínú 432, ó kéré gan-an, nítorí náà ìwọ̀n ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ níbi kan nítòsí 380. Ìyàtọ̀ ti àwọn tó ń tẹ̀lé tóbi, nítorí náà ìwọ̀n òsì á bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ rí i pé ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi wo àwọn méjèèjì láìsọ fẹ́nikẹ́ni. Láti rí òótọ́ rẹ̀, ẹ tẹ ìlà ọjà ní bọ́tìnì ọ̀tún máòsì, ẹ yan `Format Data Series`, kí ẹ wá yí i láti `Secondary Axis` sí `Primary Axis`. Ìlà ọjà á ṣubú sí ìsàlẹ̀, á sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ìyẹn náà kì í ṣe gíráàfù tó wúlò, àmọ́ ó fi hàn pé ìwọ̀n ọ̀tún ló ń gbé gbogbo ìjọra yẹn ró.

Ní báyìí, ọ̀gá yín lè fi gíráàfù sílẹ̀ kí wọ́n sọ pé àwọn ti fi ìṣirò wò ó, pé kòrílésọ̀n rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí nǹkan méjì ṣe ń rìn pọ̀ tó, fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 1. Wọn ò ní parọ́. Nínú àpẹẹrẹ wa ó jẹ́ 0.990. Ẹ wá béèrè ọjọ́ orí wọn. Ká ní wọ́n jẹ́ ẹni 50 ọdún ní sáà 1, wọ́n á ti di 51.75 ní sáà 8. Ẹ gbé ọjà wá sápá òsì láti 400 dé 432, ẹ fi ọjọ́ orí yẹn sápá ọ̀tún, ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 50 kó parí sí 51.75, ìlà rẹ̀ á sùn lé ti ọjà lórí. Kòrílésọ̀n láàárín ọjọ́ orí ọ̀gá àti ọjà jẹ́ 0.995. Ó tilẹ̀ ga ju ti àwọn tó ń tẹ̀lé lọ! Kò sí ẹni tó máa torí ìyẹn ní kí ọ̀gá tètè dàgbà kí ọjà lè tà.

Ohun tó fà á ni pé gbogbo ohun tó bá ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú àkókò ló máa jọ ohun mìíràn tó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Àkókò ni wọ́n jọ ní. Ẹni méjì tó ń rìn lójú ọ̀nà kan náà kò fi bẹ́ẹ̀ di ará ilé kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí sì ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1926, onímọ̀ ìṣirò ará Bírítéènì kan, Udny Yule, fi iye ìgbéyàwó tí wọ́n ń ṣe ní ìlànà Ìjọ Áńgílíkàn nínú gbogbo ìgbéyàwó wé iye èèyàn tó ń kú nínú ẹgbẹ̀rún ní Ẹ́ńgílándì àti Wéèlsì, láti 1866 dé 1911. Kòrílésọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0.95. Méjèèjì kàn ń lọ sílẹ̀ láwọn ọdún wọ̀nyẹn ni, kì í ṣe pé ìgbéyàwó ń pa èèyàn.

Nítorí náà, ẹ má fi iye wé iye. Ẹ fi ìyípadà wé ìyípadà. Ìbéèrè tó yẹ ni pé: ní sáà tí àwọn tó ń tẹ̀lé fò sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣé ọjà náà fò sókè? Ká ní nọ́ńbà àwọn tó ń tẹ̀lé wà ní òpó B, tí ti ọjà wà ní òpó C, ẹ kọ èyí sí D3 àti E3, kí ẹ fà wọ́n dé ìlà 9:

```
=B3-B2
=C3-C2
```

Lẹ́yìn náà:

```
=CORREL(B2:B9,C2:C9)
=CORREL(D3:D9,E3:E9)
```

Nínú àpẹẹrẹ wa, ìyípadà àwọn tó ń tẹ̀lé jẹ́ 1,500, 1,100, 1,800, 1,100, 1,700, 1,100 àti 1,700. Ti ọjà jẹ́ 4, 7, 2, 7, 2, 7 àti 3. Ẹ wò ó dáadáa: sáà tí èèyàn púpọ̀ dé ni ọjà pọ̀ sí i níwọ̀nba, sáà tí èèyàn díẹ̀ dé ni ọjà pọ̀ sí i jù. Kòrílésọ̀n tó jẹ́ 0.99 tẹ́lẹ̀ ti di -0.99. Mo mọ̀ọ́mọ̀ to nọ́ńbà yẹn bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ lè rí i pé gíráàfù tó dùn-ún wò lè fi ìdàkejì pamọ́ sínú. Ti yín lè sún mọ́ òdo, ó sì lè dára. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyípadà méje péré búra, yálà ó gbè yín tàbí kò gbè yín.

Ibì kan wà tí àyẹ̀wò yìí ti lè ṣìnà. Tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé yín lónìí bá máa ń tó oṣù mẹ́ta kó tó ra nǹkan, ìyípadà sáà kan náà kò ní fi hàn. Ẹ sún òpó ọjà sẹ́yìn ní sáà kan, kí ẹ tún wò ó. Àmọ́ ẹ ti yan iye sáà tí ẹ máa sún un kí ẹ tó wo èsì o. Ẹni tó bá ń sún un kiri títí nọ́ńbà yóò fi dùn mọ́ ọn, iṣẹ́ tí ìwọ̀n ọ̀tún ń ṣe náà ló ń ṣe.

Tó bá di gíráàfù tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀, mo fẹ́ràn kí a ya méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí àkókò wọn bára mu lóròó. Ojú á rí méjèèjì, kò ní sí oríta, kò sì ní sí ìsùn-lé-ara-ẹni. Tí wọ́n bá ní dandan kí ó jẹ́ ọ̀kan, ẹ sọ sáà 1 di 100 fún àwọn méjèèjì, kí ẹ lo ìwọ̀n kan ṣoṣo: èkíní á dé 183, èkejì á dé 108, àlàfo tó wà láàárín wọn á sì hàn kedere. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti máa ń gba ìwọ̀n méjì láàyè láìjiyàn ni ibi tó ti jẹ́ ohun kan náà la ń wọ̀n lọ́nà méjì, bí ooru ní Sẹ́lísíọ́sì lápá òsì àti Farẹnáìtì lápá ọ̀tún. Níbẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ló wà, ìṣirò ló sì yan ìwọ̀n ọ̀tún, kì í ṣe èèyàn.

Ní ti owó tí ọ̀gá yín fẹ́ ná, kò sí gíráàfù tó lè dáhùn ìyẹn tán. Tí ẹ bá ní ẹ̀ka púpọ̀ tí ojú-ewé wọn dá dúró, ẹ ṣẹ́ kèké láti yan ìdajì, kí ẹ ná owó tuntun náà sí wọn, kí ẹ fi ìdajì yòókù sílẹ̀ bó ṣe wà fún sáà méjì, kí ẹ wá wo iye ọjà tí apá kọ̀ọ̀kan fi pọ̀ sí i. Bí ẹ̀ka bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ fi ìbéèrè kan kún ohun tí oníbàárà ń kọ nígbà tó bá ń ra ọjà: níbo lẹ ti gbọ́ nípa wa?