Dẹ́kì mílímítà 150: igi agbérù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà wa. A fẹ́ da dẹ́kì tó nípọn mílímítà 150. Káfíńtà ti tẹ́ pláíwúùdù mílímítà 18. Igi tó fẹ̀ ní mílímítà 50, tó ga ní 100, ló fi ṣe ìdábùú abẹ́ rẹ̀, mílímítà 600 ló fi jìnnà síra. Igi kan náà ló fi ṣe agbérù ní mítà 1.2 síra, òpó irin sì wà lábẹ́ agbérù ní mítà 1.2. Ṣé yóò gbé e?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ má tíì dà á. Pláíwúùdù yín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, òpó náà sì lè tó. Igi agbérù tó jókòó lórí òpó ni yóò kọ́kọ́ ṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹrù náà ná. Kọnkéré tútù pẹ̀lú irin inú rẹ̀ máa ń wọn nǹkan bíi kílò 2,500 fún mítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga. Ní nínípọn mílímítà 150, ó di kílò 375 lórí mítà kan níbùú-lóòró. Mo fi 50 kún un fún pákó àti igi, mo sì fi 250 kún un fún àwọn òṣìṣẹ́, báárò àti ìgbọ̀n ẹ̀rọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 675.

Láàárín agbérù méjì, igi ìdábùú kan ń ru mítà 0.6 sí 1.2, ìyẹn nǹkan bíi kílò 486. Láàárín òpó méjì, agbérù ń ru mítà 1.2 sí 1.2, ìyẹn kílò 972. Igi kan náà, gígùn kan náà, ẹrù ìlọ́po méjì! Ìṣirò tí mo fi yẹ̀ ẹ́ wò nìyí:

```
M = wL²/8
Z = bd²/6
f = M/Z
```

Níbẹ̀, w ni ẹrù tó wà lórí gígùn igi, L ni gígùn láàárín ohun méjì tó gbé e, b ni ìbú igi, d ni gíga rẹ̀, f sì ni ìnira tó ń bá igi; mo ka kílò kan sí níútọ̀nù 10. Ìdábùú fún mi ní níútọ̀nù 9 dín díẹ̀ lórí mílímítà kan níbùú-lóòró. Agbérù fún mi ní 17.5. Fún igi ọjà tí ẹnikẹ́ni kò yẹ ìpele rẹ̀ wò, n kì í gbà ju 5 lọ. Àwọn méjèèjì ló kùnà, ṣùgbọ́n ti agbérù ló burú jù.

Ẹ sún ìdábùú mọ́ra sí mílímítà 400, ẹ mú agbérù wá sí mítà 1 síra, kí òpó wà ní mílímítà 900 síra. Kí agbérù jẹ́ igi 50 sí 150, kí ó dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó tín-ín-rín. Bí ẹ bá fi í lélẹ̀ gbalaja, ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ ló kù. Ìdábùú á wá bọ́ sí 4, agbérù á bọ́ sí 3.6.

Bí ìdábùú ṣe sún mọ́ra yìí, ó ran pláíwúùdù náà lọ́wọ́. Ní 600, pláíwúùdù tó ti rin á tẹ̀ tó mílímítà kan ààbọ̀. Ní 400, ìdá márùn-ún rẹ̀ nìkan ni. Àmọ́ kí ìlà ara igi tó hàn lójú pláíwúùdù náà dábùú àwọn igi tó gbé e, kó má gba ojú kan náà pẹ̀lú wọn.

Òpó kọ̀ọ̀kan á wá gba bíi kílò 600 sí 700, torí èyí tó wà láàárín agbérù gígùn máa ń gbà ju ìpín tirẹ̀ lọ. Bí a bá ṣe ń fa òpó irin gùn tó ni agbára rẹ̀ ń dínkù, nítorí náà, ẹ wo tábìlì ẹni tó ṣe é ní gígùn tí ẹ fẹ́ lò. Ẹ fọwọ́ yín wo píìnì inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: mo sábà máa ń rí ègé irin rọ́ọ̀dù níbi tó yẹ kí píìnì tòótọ́ wà, irú òpó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wà níbẹ̀. Kí òpó mítà 3 má fì ju mílímítà 75 lọ látòkè dé ìsàlẹ̀, kí agbérù sì jókòó sáàárín orí rẹ̀. Lórí ilẹ̀, ẹ tẹ́ pákó tó fẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe àfọ́kù búlọ́ọ̀kù.

Gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí pé ẹ ò ní kó kọnkéré jọ. Òkìtì tó ga mílímítà 600 lójú kan ń gbé ẹrù ibẹ̀ kọjá kílò 1,500, ó ju ìlọ́po méjì èyí tí a ṣírò lọ. Ẹ máa tẹ́ ẹ bí ẹ ṣe ń dà á. Ti pákó etí dẹ́kì rọrùn: ní jíjìn 150, títì tí kọnkéré ń tì í kò tó kílò 400 lórí mítà kan níbùú-lóòró kódà nísàlẹ̀ pátápátá. Igi àtìlẹ́yìn tí ẹ kàn dáadáa á gbà á.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á, ẹ kan ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ agbérù bíi mẹ́ta kó rọ̀ sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkàn, kí ẹ fi ìlà sàmì sí méjèèjì níbi tí ẹni tó dúró níta ti lè rí i. Bí ìlà ọ̀pá bá fi mílímítà 5 sọ̀ kalẹ̀ ju ti èèkàn lọ, ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí ẹ sì kó àwọn ènìyàn kúrò lórí ibẹ̀. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ rẹ̀ láti lọ fi òpó kún un.