Òjò àkọ́rọ̀ tó tan àgbẹ̀ Kétu jẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Àgbẹ̀ ni mí ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ní ìdajì oṣù kẹta, òjò ńlá kan rọ̀ tí ilẹ̀ fi rin gbingbin. Mo gbin àgbàdo lọ́jọ́ kejì. Ó hù, àmọ́ ọyẹ́ tún padà dé. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni òjò ò fi kán sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì gbẹ. Kí ló dé tí òjò ń ṣe báyìí, báwo ni mo sì ṣe lè mọ èyí tó máa dúró?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Òjò gidi lòjò tó rọ̀ sí yín lóko. Ohun tó yẹ kó tì í lẹ́yìn ni kò tíì dé.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ilẹ̀ wa. Ọyẹ́ ń ti Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà oòrùn, gbígbẹ ni, eruku ló sì ń rù. Èkejì ń ti òkun bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ó tutù, omi sì kún inú rẹ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń forí gbárí nílẹ̀ là ń pè ní ojú ààlà; FIT ni àwọn ará mètéò tó ń wo ojú ọjọ́ ń kọ sí i lórí àwòrán wọn. Oòrùn ló ń tẹ̀ lé. Bí oòrùn bá ṣí sí àríwá, tí ilẹ̀ Sàhárà gbóná, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á gbéra sókè, afẹ́fẹ́ òkun á sì máa wọlé láti dí àyè rẹ̀. Ní oṣù kìíní, ojú ààlà lè wà láàárín Àjàṣẹ́ sí Ṣábẹ̀ẹ́. Ní oṣù kẹjọ, ó ti kọjá Agadẹ́sì ní ilẹ̀ Nìjẹ̀r, ó ti wọ inú aṣálẹ̀ lọ. Ìrìn pẹ̀lẹ́ ló ń rìn nígbà tó bá ń lọ, bíi 160 km lóṣù. Nígbà tó bá ń bọ̀, ó ń yára tó ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ibi tí afẹ́fẹ́ méjèèjì ti pàdé gan-an ni òjò ti ń rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun tutù, ó sì wúwo ju ọyẹ́ lọ, nítorí náà abẹ́ ọyẹ́ ló ń yọ́ wọ̀. Ẹ fojú inú wo irin àáké tí a fi lélẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí àríwá. Ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bó ṣe ń lọ sẹ́yìn ló ń nípọn. Lẹ́nu àáké, afẹ́fẹ́ omi ò ju mítà díẹ̀ lókè ilẹ̀, ọyẹ́ ló gun orí rẹ̀. Bí ìkùukùu bá fẹ́ ga níbẹ̀, yóò kanrí mọ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ, a sì gbẹ ẹ́ dànù. Ó di ìgbà tí afẹ́fẹ́ omi bá nípọn tó 1,500 sí 2,000 mítà kí òjò tó lè máa rọ̀ léraléra, èyí sì máa ń tó 400 sí 500 km lẹ́yìn ojú ààlà.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e ka oko yín. Ní ìdajì oṣù kẹta, ojú ààlà sábà máa ń wà láàárín Kpárákú àti Kandí, bíi 300 km sí yín. Ẹnu àáké ti kọjá Kétu, àmọ́ ibi tó nípọn ò tíì dé ọ̀dọ̀ yín. Nírú ibẹ̀, òjò ìjì kan lè já wọlé lẹ́ẹ̀kan, kó sì pọ̀ gan-an. Àmọ́ ojú ààlà kì í rìn tààrà: ó lè wọ àríwá ní 200 km láàárín ọjọ́ mélòó kan, kó tún sá padà sẹ́yìn. Ìgbà tó sá padà ni ọyẹ́ yín dé. Àgbàdo ti hù nígbà náà, gbòǹgbò rẹ̀ ò tíì wọlẹ̀.

Èmi náà ti jẹ irú ìyà yìí lóko ìyá mi, nígbà tí mo ti ń ka àwòrán ojú ọjọ́ jẹun! Mo rí òjò, mo gbàgbé àwòrán.

Ìwọ̀n tí a ń lò ni pé kí òjò tó 20 mm láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí ọ̀dá tó ju ọjọ́ méje lọ má sì wáyé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹ lè wọn apá àkọ́kọ́ fúnra yín: ẹ gbé agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ dọ́gba sí gbangba, kúrò lábẹ́ igi, bí omi inú rẹ̀ bá ga tó fífẹ̀ àtàǹpàkò àgbàlagbà, ó ti tó 20 mm. Apá kejì, ọ̀la ló wà, ojú ààlà ló sì ń sọ ọ́. Ní Kétu, èmi kì í fọkàn balẹ̀ àfi tí ojú ààlà bá ti kọjá Màláńfíìlì létí Odò Ọya, tó sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ibẹ̀ jìnnà sí yín tó 500 km. Ará Ṣábẹ̀ẹ́ yóò fi bí ọ̀sẹ̀ méjì kún un, torí wọ́n wà níwájú yín lápá àríwá.

Bí ẹ ò bá rí àwòrán, ẹ wo òwúrọ̀. Ẹ má wo afẹ́fẹ́ ọjọ́ òjò gan-an, torí ìjì wa máa ń ti ìlà oòrùn dé, bẹ́ẹ̀ òkun ni omi inú rẹ̀ ti wá. Afẹ́fẹ́ òkè, ní nǹkan bí 3,000 sí 4,000 mítà, ló ń tì í bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Bí ìrì bá ṣì ń sẹ̀ sórí koríko, tí èéfín ìdáná ń fẹ́ lọ sí àríwá ìlà oòrùn, tí ìkùukùu rírẹlẹ̀ bo ojú ọ̀run láàárọ̀, afẹ́fẹ́ òkun ti gbilẹ̀. Bí ètè bá tún ń là, tí eruku bo igi ọ̀ọ́kán, ẹ dá irúgbìn padà sínú àpò. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ gbé ẹ̀rọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ láti wo irú ìkùukùu òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀: afẹ́fẹ́ tútù láti òkun ló ń dé ibẹ̀ lálẹ́, tí ìkùukùu fi ń hù kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àmọ́ ojú ààlà ò lè sọ ọjọ́ tí òjò máa rọ̀ sí oko kan pàtó. Òjò ìjì lè rin ìhà kan ìlú, kí ìhà kejì gbẹ. Kò sì túmọ̀ sí pé bí àáké bá ṣe nípọn tó ni òjò á ṣe pọ̀ tó. Ní oṣù kẹjọ, ó nípọn gan-an lórí Kétu, síbẹ̀ òjò dákẹ́. Agbègbè òjò ńlá ti wọ àríwá lọ, omi òkun tó wà níwájú wa sì tutù lákòókò náà. Afẹ́fẹ́ tó ń gba orí rẹ̀ bọ̀ ò lè gbéra, ó kàn ń ṣú, ó ń ṣe wínníwínní. Nígbà tí ojú ààlà bá ń padà bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án ni òjò kejì ń dé. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìdákẹ́ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Nítorí náà, ẹ tún un gbìn, àmọ́ ẹ lo àgbàdo aláàádọ́rùn-ún ọjọ́. Èyí tó bá wọlẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin á ti gbó ní ọjọ́ 24 oṣù keje, kí òjò tó dákẹ́.