Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì: kíbọ́ọ̀dù ló ń pa ọ̀rọ̀ yín dà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Aṣọ àdìrẹ ni mò ń tà l'Óṣogbo, orí Wásáàpù sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi wà. Láti ìgbà tí mo ti ra fóònù tuntun ni ohun tí mo bá tẹ̀ ti ń dàrú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tẹ "Aso yin ti wa, mo si ti fun won ni 2", ohun tí oníbàárà mi rí ni "Also yin to was, no so to fun won no 2". Ó rò pé mo ní n kò tà fún òun mọ́. Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́, ó fẹ́ gba ₦12,000 láti fíláàṣì rẹ̀. Ọkọ mi ní nẹ́tíwọọ̀kì ni. Ṣé kí n san owó náà, àbí oògùn fáírọ́ọ̀sì kan wà tí mo lè fi sí i?

Ìdáhùn: Ìyá aláàdìrẹ, ẹ má san owó yẹn, ẹ má sì fi oògùn fáírọ́ọ̀sì kankan sí i. Kíbọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn lẹ́tà tó máa ń yọ jáde nísàlẹ̀ ojú fóònù nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé, ló ń pa ọ̀rọ̀ yín dà kí ẹ tó fi í ránṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sínú rẹ̀ nígbà tí ẹ rà á. Tí ẹ bá tẹ Yorùbá, ó máa ń gbà pé Gẹ̀ẹ́sì lẹ fẹ́ kọ, pé ìka yín ló ṣì, yóò sì bá yín tún un ṣe láìbéèrè. Ẹ kò rí i nítorí pé lẹ́tà tí ẹ ń tẹ̀ lẹ ń wò, ẹ kò wo òkè níbi tí ọ̀rọ̀ ń bọ́ sí.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá nílé pé nẹ́tíwọọ̀kì kò lè ṣe irú èyí. Ohun tí nẹ́tíwọọ̀kì lè ṣe kò ju kó má gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, tàbí kó pẹ́ kó tó gbé e lọ. Wásáàpù máa ń ti ọ̀rọ̀ pa kó tó kúrò lórí fóònù yín, fóònù ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí nìkan ló sì lè ṣí i. Kò sí ibi tí wọ́n ti lè yọ "ti" kúrò lójú ọ̀nà kí wọ́n fi "to" rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì yìí gan-an ló ń bí mi nínú, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ẹ wo ohun tí ẹ tẹ̀ àti ohun tó jáde. Lórí kíbọ́ọ̀dù, "i" àti "o" fara kanra. Ìdí nìyẹn tí "ti" fi di "to", tí "si" di "so", tí "ni" sì di "no". "M" àti "n" náà fara kanra, bí "mo" ṣe di "no" nìyẹn. "Aso" ku lẹ́tà kan kó di "also", "wa" náà ku ẹyọ kan kó di "was". Ẹ wá wo àwọn tí kò yí padà: "fun", "won" àti "yin". Gbogbo wọn ló wà nínú ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, nítorí náà kíbọ́ọ̀dù kò rí ẹ̀bi kankan lára wọn. 2 kì í ṣe ọ̀rọ̀, kò fọwọ́ kàn án. Fáírọ́ọ̀sì wo ló máa ń ṣe irú àṣàyàn báyìí, tí yóò fi ọ̀rọ̀ tó bá Gẹ̀ẹ́sì mu sílẹ̀, tí yóò sì yí ìyókù sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sún mọ́ ọn jù lọ?

Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́. Lọ́dún 1964, ọ̀gbẹ́ni Fred Damerau, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, kọ ọ́ pé ohun tó lé ní 80 nínú 100 àṣìkọ ló jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin: lẹ́tà kan ṣì, lẹ́tà kan sọnù, lẹ́tà kan lé, tàbí lẹ́tà méjì pààrọ̀ ipò. Àwọn ohun tí fóònù ń wá nìyẹn títí dòní. Tí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì àlàfo, èyí tó gùn nísàlẹ̀, tàbí tí ẹ fi àmì ìdánudúró sí i, yóò wo ọ̀rọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò wo lẹ́tà tó wà nítòsí ibi tí ìka yín bà, yóò wo ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń lò jù, yóò sì mú ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó jẹ́ lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń jìyà jù lọ, nítorí pé lẹ́tà kan péré ló sábà máa ń wà láàárín wọn àti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan.

Ẹ kúkú lè dán an wò fúnra yín lálẹ́ òní. Ẹ pa dátà. Ẹ ṣí ibi tí ẹ ti máa ń kọ nǹkan pamọ́ sórí fóònù, kì í ṣe Wásáàpù. Ẹ tẹ gbólóhùn yẹn kan náà, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ojú yín wà lókè. Tí "ti" bá di "to" ní kété tí ẹ tẹ àlàfo, ẹ ti rí i níṣojú yín láìsí nẹ́tíwọọ̀kì, láìsí Wásáàpù. Kí ẹ tó tẹ àlàfo náà, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta lórí ìlà tó wà lókè àwọn lẹ́tà. Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tó wà láàárín ni kíbọ́ọ̀dù fẹ́ fi rọ́pò tiyín.

Fíláàṣì ńkọ́? Fíláàṣì ni kí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà nínú fóònù kí wọ́n tún ètò rẹ̀ kọ sí i lákọ̀tun. Àwòrán aṣọ yín lè lọ, ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú àwọn oníbàárà lè lọ tí ẹ kò bá fi wọ́n pamọ́ síbòmíràn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù yóò padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí ẹ rà á, àtúnṣe Gẹ̀ẹ́sì yóò sì tún máa ṣiṣẹ́. Àní, ó lè burú sí i. Kíbọ́ọ̀dù máa ń kọ́ ọ̀rọ̀ tí onífóònù bá ń tẹ̀ léraléra, yóò sì yé dà á láàmú lórí wọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí nìyẹn tí fóònù àtijọ́ yín kò fi yọ yín lẹ́nu tó báyìí. Ẹni tó bá fíláàṣì fóònù yín ti nu ìwọ̀nba Yorùbá tí tuntun yìí ti kọ́ nìyẹn, ẹ ó sì ti san ₦12,000 fún un.

Àtúnṣe rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo gbà pé Gboard ni kíbọ́ọ̀dù yín, nítorí òun ló wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù Áńdúróìdì. Ẹ ṣí ibi tí ẹ ti fẹ́ kọ̀wé kí kíbọ́ọ̀dù yọ, ẹ wá àmì yípoyípo eléyín tó dúró fún Settings lókè rẹ̀ (lórí àwọn kan, ẹ ó kọ́kọ́ tẹ àmì onígun mẹ́rin kéékèèké kó tó yọ). Ẹ wọ Text correction, kí ẹ pa Auto-correction. Ó parí nìyẹn. Ìlà ọ̀rọ̀ mẹ́ta yóò ṣì wà lókè, ṣùgbọ́n kò ní fi nǹkan kan rọ́pò ọ̀rọ̀ yín àfi tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Lórí áífóònù, inú Settings, General, Keyboard ni Auto-Correction wà. Orúkọ àti ipò àwọn nǹkan wọ̀nyí lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù kan sí èkejì, nítorí náà tí ẹ kò bá rí i gẹ́lẹ́ bí mo ṣe sọ, ẹ má tẹ ohun tí kò yé yín.

Tí ẹ bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì náà tí ẹ kò sì fẹ́ pa á pátápátá, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ wọ Languages nínú Settings kan náà, kí ẹ fi Yorùbá kún un. Ó wà nínú àwọn èdè Gboard. Ẹ ó máa di bọ́tìnnì àlàfo mú díẹ̀ láti bọ́ sí èyí tí ẹ fẹ́. Ìnira rẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ máa rántí yí i, ẹni tó ń dá oníbàárà mẹ́wàá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà kò sì ní rántí. Fún yín, mo fara mọ́ kí ẹ pa á. Kó tó di ìgbà náà, tó bá yí ọ̀rọ̀ yín padà, ẹ tètè tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́pọ̀ fóònù, yóò dá ohun tí ẹ tẹ̀ gan-an padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ wa kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí ẹ kò mọ ẹni tó ṣe é sórí fóònù. Gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀ ló ń gba ọwọ́ kíbọ́ọ̀dù kọjá, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì yín. Áńdúróìdì fúnra rẹ̀ máa ń kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó gba irú rẹ̀ wọlé.

N kò rí fóònù yín lójú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó lè mú ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń di nǹkan kan náà nígbà gbogbo, ẹ wo Personal dictionary lábẹ́ Dictionary, tàbí Text Replacement lórí áífóònù. Àwọn ọmọdé máa ń fi ìyẹn ṣeré. Tí lẹ́tà bá ń tẹ ara rẹ̀ láìsí ìka níbẹ̀, gíláàsì fóònù ló ń ṣàìsàn. Tí ọ̀rọ̀ bá pé lójú yín tí oníbàárà sì rí àpótí kéékèèké níbi àmì ohùn, fóònù tirẹ̀ ni kò mọ àwọn àmì náà. Ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá rí ọ̀rọ̀ tí ẹ kò tẹ̀ rárá, ẹ wọ Linked devices lórí Wásáàpù kíákíá, kí ẹ yọ ẹ̀rọ tí ẹ kò bá mọ̀ kúrò. Ìyẹn nìkan nínú gbogbo èyí ló yẹ kó já yín láyà.

Tó bá sì jẹ́ pé fóònù ti wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, ẹ lọ gbà á kó tó fíláàṣì rẹ̀. Tí ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín fún un, ẹ yí ti fóònù àti ti báńkì padà lónìí, kí ẹ sì pe oníbàárà yẹn lóhùn pé aṣọ rẹ̀ ti dé.