Bọ́tìnnì Yorùbá lórí fóònù Faransé

«Ẹ̀yin ará, Faransé ni fóònù mi. Báwo ni mo ṣe lè tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn láì yí i padà?»

Ẹ má yí i padà rárá, ẹ̀gbọ́n. Bó bá jẹ́ bọ́tìnnì Gboard ti Google lẹ ń lò, ẹ wọ inú ètò rẹ̀, ẹ tẹ «Langues», lẹ́yìn náà «Ajouter un clavier», kí ẹ wá yoruba. Bó bá fi «Bénin» àti «Nigéria» hàn yín, ẹ wo lẹ́tà wọn dáadáa: ɛ àti ɔ ni ìkọ̀wé ọ̀dọ̀ wa ní Bénin níbí, ẹ àti ọ ni ti Nàìjíríà.

Ohun tó dà mí láàmú jù ní Kétu níbí ni ọ́. Kò ní kóòdù tirẹ̀. Lẹ́tà àti àmì tí a so pọ̀ ni. Nítorí náà, nínú «ọjọ́», ẹ tẹ ọ kejì kí ẹ tó tẹ àmì. Bí àmì bá ṣáájú, orí j ló máa bọ́ sí.