Gílóòbù mẹ́ta ò tàn nínú páálí: ṣé oníbàárà á bá a pàdé?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Ọ̀gá mi ya fọ́tò ìwé àyẹ̀wò ọjà ránṣẹ́ sí mi. Gílóòbù 20 ló wà nínú páálí, ó jọ pé 3 ni kò tàn, àmọ́ nọ́ńbà yẹn ò hàn dáadáa, ó tún fẹ́ jọ 8. Oníbàárà máa ṣa 5 yẹ̀ wò. Bí ẹyọ kan bá kọ̀ tí kò tàn, ó máa dá páálí padà. 17 nínú 20 ló dáa, ìyẹn 0.85, mo wá ṣe 0.85 × 0.85 × 0.85 × 0.85 × 0.85, mo rí 44 nínú 100 pé á bọ́ fún wa. Ọ̀rẹ́ mi ní mo ṣì í. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín ló jàre. Ìṣirò yín gbà pé bí oníbàárà bá yẹ gílóòbù kan wò tán, á dá a padà sínú páálí kó tó mú òmíràn. Wọn kì í yẹ ọjà wò bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ti jáde ti jáde nìyẹn, páálí sì ń dín kù.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé 3 ni, ká máa wo ọwọ́ oníbàárà. Nígbà tó kọ́kọ́ mú, 17 ló dáa nínú 20. Bó bá mú èyí tó dáa, ó ku 19, 16 ló dáa níbẹ̀. Lẹ́yìn náà 15 nínú 18, bẹ́ẹ̀ ni títí dé ìkarùn-ún:

```
17/20 × 16/19 × 15/18 × 14/17 × 13/16 = 0.399
```

Nǹkan bí 40 nínú 100 ni ìṣeéṣe pé á bọ́ fún yín. 60 tó kù ni pé á rí ó kéré tán ẹyọ kan tí kò tàn. Bí páálí bá gba 2000, tí 300 ò sì tàn, 44 yín ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, torí pé 5 tó jáde nínú 2000 kò yí nǹkan kan padà. Inú páálí kékeré ni àṣìṣe yẹn ti ń hàn. Bí ẹ bá fẹ́ kí Excel ṣe é:

```
=HYPGEOM.DIST(0,5,3,20,FALSE)
```

0 ni iye èyí tí kò dáa tí yóò bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, 5 ni iye tó ṣà, 3 ni iye èyí tí kò dáa, 20 ni gbogbo páálí.

Fọ́tò yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú ju ìṣirò lọ. Bó bá jẹ́ 8 ni, tí ẹ bá fi 8 rọ́pò 3, 0.051 lẹ máa rí: 5 péré nínú 100 ni pé á bọ́ fún yín. Ẹ má méfò. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ iye èyí tó dáa sí nínú ìwé kan náà. Bó bá jẹ́ 17, 3 ni. Bó bá jẹ́ 12, 8 ni. Bí méjèèjì ò bá pé 20, ẹ ní kí wọ́n tún un yà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Kẹ́ ẹ sì bi ọ̀gá yín bóyá wọ́n ti yọ àwọn tí kò tàn kúrò lẹ́yìn àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá ti yọ wọ́n, kò sí èyí tí oníbàárà máa bá níbẹ̀ mọ́, àmọ́ páálí ò pé 20 mọ́ nìyẹn.